Ta Ló Ka Ọjà Màmá?

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Aṣojú inṣọ́ránsì ni mí ní Dùgbẹ̀. Oníbàárà mi kan, màmá tó ń ta aṣọ ní Gbági Tuntun, ₦50,000 ló ń san lọ́dọọdún fún inṣọ́ránsì iná. ₦96,000 ló jáde lọ́tẹ̀ yìí. Láti 2022, ₦20,000,000 la kọ sílẹ̀ fún ọjà rẹ̀. Mo ti bá a sọ ọ́ di ₦32,000,000 kó lè bá ìgbà mu. Ilé iṣẹ́ náà sì fi díẹ̀ kún owó tí wọ́n ń gbà lórí mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan, láti ₦2,500 sí ₦3,000. Mo kọ lẹ́tà pé 'nítorí bí ọrọ̀ ajé ṣe rí àti àtúntò owó lágbo inṣọ́ránsì', ṣùgbọ́n ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tó ti wà nínú báàgì mi. Màmá ò gba kíléèmù rí, á bínú gan-an. Fúráídè tó ń bọ̀ ni ìwé rẹ̀ máa parí. Ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ dídùn tí mo lè fi sọ ọ́. Èmi ni, aṣojú tí ẹ̀rù ń bà."

Ta ló rán ọ níṣẹ́ pé kó o bá a sọ ọ́ di mílíọ̀nù 32? Gbólóhùn kan ṣoṣo lo fi kọjá lórí ẹ̀, bí ẹni fo gọ́tà, o wá ń bèèrè ọ̀rọ̀ dídùn lọ́wọ́ mi. Ọjà màmá ni, owó màmá ni, ìwọ lo jókòó sí Dùgbẹ̀ tó o fi bírò kó mílíọ̀nù méjìlá tí o ò fojú rí lé e lórí. Lẹ́tà báyìí ń dé ọ̀dọ̀ mi lóòrèkóòrè látọ̀dọ̀ ẹ̀yin aṣojú, ibì kan náà lẹ sì máa ń forí gbá: ẹ ó máa wá ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa fi bo owó tí ẹ̀yin fúnra yín ò tíì tú wò.

Jẹ́ ká tú u. Owó inṣọ́ránsì iná ò le: mílíọ̀nù mélòó ló wà nínú ìwé, èló ni wọ́n ń gbà lórí mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan? Lọ́dún tó kọjá, ogún mílíọ̀nù ní ₦2,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦50,000 nìyẹn. Ká ní ilé iṣẹ́ ò fọwọ́ kan nǹkan kan, tó jẹ́ ìwọ nìkan lo gbé ọjà dé mílíọ̀nù 32, ₦80,000 ni màmá ì bá san. Nínú àfikún tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà ọ́ yìí, ìwọ lo dá ₦30,000 sílẹ̀. Ti ilé iṣẹ́ ni ₦500 lórí mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦16,000. Pa wọ́n pọ̀, ₦46,000 rẹ pé. Méjèèjì lo wá kó sábẹ́ "ọrọ̀ ajé" nínú lẹ́tà, bẹ́ẹ̀ màmá ló láṣẹ lórí èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Kò sì yẹ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún ọ pé bí owó bá ṣe ń lé ni èrè aṣojú ń lé. Màmá náà mọ̀. Ẹni tó ń ra léèsì, tó ń tà á ní Gbági kì í ṣe ọmọdé.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ: aṣọ ti gbówó lórí. Òótọ́ ni. Láti oṣù Kẹfà 2023 tí Báǹkì Àpapọ̀ ti tú náírà sílẹ̀, dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦460 ti lé ní ₦1,400 nígbà tí oṣù Kẹfà 2024 fi máa parí, aṣọ tó ń ti òkè òkun wọlé sì bá a gòkè. Ṣùgbọ́n kí ni oníṣòwò máa ń ṣe bí ọjà bá gbówó lórí tí owó ọwọ́ rẹ̀ ò pọ̀ sí i? Á ra èyí tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀ ni. Pẹpẹ tó ń gba ọgọ́ta ìdì tẹ́lẹ̀ lè má ju mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ lónìí, wọ́n á wá to páálí òfìfo sẹ́yìn kí oníbàárà má baà rò pé ọjà ti tán. Owó ìdì kan lọ sókè, ìdì fúnra rẹ̀ dín kù, àpapọ̀ iye ọjà lè má fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan. Ó lè jẹ́ mílíọ̀nù 24. Ó lè jẹ́ 40. O ò lè rí i láti Dùgbẹ̀.

Bí ọjà bá jẹ́ mílíọ̀nù 24 tó o sì kọ 32, ₦24,000 ni màmá máa san dà nù. Ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì kì í san ju ohun tó jóná lọ: bí gbogbo ṣọ́ọ̀bù bá jó pátápátá, mílíọ̀nù 24 náà ni wọ́n máa san, ohun yòówù kí ìwé wí.

Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni kí màmá bínú sí lẹ́tà rẹ, kó ní, "Ẹ fi í sí ogún mílíọ̀nù tó wà tẹ́lẹ̀," kó sì jẹ́ pé mílíọ̀nù 32 ni ọjà rẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò gbà pé bí iná bá jó ìdajì ṣọ́ọ̀bù, ogún mílíọ̀nù tó wà nínú ìwé á ká a. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlà kan wà nínú ìwé iná tó sọ pé bí iye tí ẹ kọ bá kéré sí iye ọjà gan-an, ẹ̀yin àti ilé iṣẹ́ lẹ jọ máa pín àdánù náà. Ogún nínú méjìlélọ́gbọ̀n, ìyẹn márùn-ún nínú mẹ́jọ. Nínú náírà mẹ́jọ tó bá jó, márùn-ún ni ilé iṣẹ́ máa san, màmá á sì fara mọ́ mẹ́ta. Bí ọjà mílíọ̀nù mẹ́jọ bá jó, mílíọ̀nù márùn-ún ló máa gbà. Ọjọ́ yẹn ló máa rántí orúkọ rẹ dáadáa.

Torí náà, lọ ka ọjà. Pẹ̀lú màmá ni o, má dá a kà. Ẹ mú un ní pẹpẹ kọ̀ọ̀kan: ìdì mélòó, èló ni yóò fi rà á lónìí tó bá ní láti rà á padà. Iye tó ń tà á ò kàn yín, nítorí ìwé iná ọjà kì í san èrè tí ẹ ò tíì jẹ. Ibí yìí ni àwọn oníṣòwò fúnra wọn ti máa ń ṣì í, wọ́n á pe iye títà, wọ́n á sì máa san owó lórí èrè tí ẹnikẹ́ni ò ní dá padà fún wọn. Bi í léèrè ìgbà tí ọjà rẹ̀ máa ń kún jù lọ, bóyá nígbà Iléyá tàbí nínú oṣù Kejìlá, kẹ́ ẹ sì fi ìgbà yẹn ṣe ìwọ̀n. Tó bá tún ń kó ọjà pamọ́ sílé, wò ó bóyá àdírẹ́sì ilé wà nínú ìwé. Bí kò bá sí níbẹ̀, aṣọ tó wà nílé kò sí lábẹ́ inṣọ́ránsì, ẹ má sì kà á mọ́ ti ṣọ́ọ̀bù.

Ó wá ku ₦500 tí ilé iṣẹ́ fi kún un. O ò sọ ìdí rẹ̀ fún mi, mo sì gbà pé ìwọ gan-an ò mọ̀ ọ́n. Kọ̀wé sí wọn, kí wọ́n fèsì sórí ìwé: ṣé ṣọ́ọ̀bù màmá ni wọ́n rí nǹkan sí, àbí gbogbo ṣọ́ọ̀bù inú ọjà ni wọ́n fi kún tiwọn? Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, bí i ká sọ pé wáyà kò dáa tàbí jẹnẹrétọ̀ àti kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù wà nínú ilé, màmá lè tún un ṣe kí o sì ní kí wọ́n padà wá wò ó. Bó bá jẹ́ gbogbo ọjà ni, àlàyé rẹ̀ ni pé inú àpò kan náà ni owó gbogbo oníṣọ́ọ̀bù ń lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń sanwó fún àwọn tí iná jó, nítorí náà kò dìgbà tí màmá bá gba kíléèmù kí owó tó lé. Ohun tó kù fún un nígbà náà ni kó gbà láti máa fara mọ́ apá àkọ́kọ́ nínú àdánù yòówù, bí ₦200,000, kí ìwọ wá bèèrè èló ni wọ́n máa yọ fún un. Tàbí kó o gba iye lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn fún un. Má sọ pé ìjọba ló fi kún un. Inṣọ́ránsì ọkọ̀ táwọn èèyàn ń san ní ₦5,000, tó di ₦15,000 láti ọjọ́ kìíní oṣù Kíní 2023, àjọ NAICOM tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì ló pàṣẹ yẹn. Kò kan ṣọ́ọ̀bù aṣọ rárá, màmá sì lè ní ọmọ tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ká ní ẹ kà á tán, tó jẹ́ mílíọ̀nù 24. Bó o ṣe máa sọ ọ́ nìyí, owó ni kó o sì fi bẹ̀rẹ̀:

"Màmá, ẹ kú ọjà. ₦50,000 lẹ san lọ́dún tó kọjá, ₦72,000 ni tọdún yìí. Ó fi ₦22,000 lé. Nǹkan méjì ló fà á. Àkọ́kọ́, ọjà tá a jọ kà fi mílíọ̀nù mẹ́rin ju èyí tó wà nínú ìwé lọ, ìyẹn mú ₦10,000 wá. Ẹ̀yin lẹ máa sọ bóyá ká kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tá a bá fi í sílẹ̀ ní ogún mílíọ̀nù, tí iná bá jó nínú ọjà yín, márùn-ún nínú náírà mẹ́fà ni wọ́n máa san. Èkejì, ilé iṣẹ́ fi ₦500 kún orí mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn mú ₦12,000 wá. Èsì tí wọ́n fún mi nígbà tí mo bi wọ́n nìyí, ẹ kà á."

Kó o sì dákẹ́. Má fi "lójúmọ́ kan, kò ju ọgọ́ta náírà lọ" kún un; kì í ṣe ojúmọ́-ojúmọ́ ló máa san án. Jẹ́ kó bínú díẹ̀, kó bèèrè ohun tó fẹ́ bèèrè.

Ní ti Fúráídè, ìwọ lo fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣòfò. Láti ìgbà òfin inṣọ́ránsì ti 2003 ni wọ́n ti sọ pé tí owó ò bá tíì wọlé, kò sí inṣọ́ránsì, NAICOM sì ti fọwọ́ líle mú un láti ọjọ́ kìíní oṣù Kíní 2013. Má jẹ́ kí màmá gbọ́ lẹ́nu rẹ pé kó san ₦50,000 ná, kí ẹ parí ìyókù tó bá yá. Tí kíkà ò bá parí kí Fúráídè tó dé, kó mú iye tó dá a lójú, kó san owó rẹ̀ pé, kẹ́ ẹ wá fi ìyókù kún ìwé lẹ́yìn kíkà. Owó ọjọ́ tó kù nínú ọdún nìkan ni wọ́n máa gbà lórí èyí tẹ́ ẹ bá fi kún un.

Fi lẹ́tà yẹn sílẹ̀ sí ọ́fíìsì. Mú ìwé ńlá kan àti bírò méjì dání, kó o tètè dé Gbági kí oníbàárà tó pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.