"Màá Wò Ó" Ti Pẹ́ Jù Nílẹ̀

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ lọ ilé ìwé girama ń ṣe àádọ́ta ọdún lóṣù tó ń bọ̀. Ó ní kí àwa ọ̀rẹ́ márùn-ún dá 150,000 náírà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan fún olórin àti oúnjẹ. Aṣọ ẹbí tún wà lọ́tọ̀. Owó ilé ìwé ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́rùn mi. Nígbà tó pè mí, mo ní "màá wò ó", ó sì ti fi nọ́ńbà báńkì ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì látìgbà náà. Mi ò fẹ́ ká jà. Kí ni kí n kọ sí i?
Ọ̀rẹ́ Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ọ̀rẹ́ Ìyá Ìbejì, ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ náà ránṣẹ́ lálẹ́ òní. Ẹni tó ń palẹ̀ ìnáwó mọ́ kì í gbọ́ "màá wò ó" bí ẹni tó sọ ọ́ ṣe rò ó. Ó ti kà yín mọ́ ọn. 750,000 náírà ló wà lórí ìwé rẹ̀ báyìí, orí iye yẹn ló sì ń dúró bá olórin àti alásè dúnàádúrà. Tó bá mọ̀ lónìí pé 600,000 ló máa wọlé, ó ṣì lè dín tábìlì kù, tàbí kó mú olórin tí owó rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Tó bá di ìgbà tí ìnáwó ku ọ̀la, ó ti san àsansílẹ̀ tí wọn kò ní dá padà fún un. Gbèsè yẹn ló máa bí i nínú, ju pé ẹ kò dáwó lọ.

Ohun tí mo rò pé kí ẹ kọ nìyí:

"Ìyá Ìbejì mi, o kú ìpalẹ̀mọ́ o. Inú mi dùn gan-an pé àádọ́ta ọdún yìí ṣojú wa. Ní ti 150,000 tí o bá mi sọ, mi ò ní lè dá a. Mo ní màá wò ó, mo sì ti wò ó dáadáa, agbára mi kò ká a. Jọ̀ọ́, má ka orúkọ mi mọ́ àwọn tó ń dáwó, kí o lè tètè mọ bí o ṣe máa ṣètò. Má bínú pé mi ò tètè sọ. Gèlè nìkan ni màá gbà nínú aṣọ ẹbí. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni màá ti wà lọ́dọ̀ ẹ lọ́jọ́ náà, tí o bá sì fẹ́, èmi ni kí o gbé pínpín ẹ̀bùn àlejò fún. Ẹ̀mí á gùn, a ó jọ ṣe ọgọ́rin."

Ẹ wo bí gbólóhùn "mi ò ní lè dá a" ṣe dá dúró. Ẹ má fi "báyìí" tàbí "lóṣù yìí" kún un. Tí ẹ bá fi kún un, yóò ní kò burú, kí ẹ san án níparí oṣù, kò sì ní sí èsì kankan lẹ́nu yín mọ́. Bákan náà ni mi ò ṣe mẹ́nu kan owó ilé ìwé. Lóòótọ́, àwíjàre tó dáa ni, àmọ́ bí ẹ bá ti gbé e sílẹ̀, ẹ ti pè é wá ṣírò owó inú ilé yín. Yóò bi yín pé èló ni, pé ṣé ilé ìwé kò lè gba ìdajì ná, pé ṣé bàbá àwọn ọmọ kò ṣe nǹkan kan ni. Tó bá tẹ̀ lé yín pé kí ló dé, ẹ sọ pé "owó tó wà lọ́wọ́ mi ti níṣẹ́ tó ń ṣe," kí ẹ sì dákẹ́ síbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń fẹ́ fi 30,000 ránṣẹ́ kí ojú má bàa tì wọ́n. Mi ò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Nínú ìwé ẹni tó ń gba owó, "30,000, ó ku 120,000" ni wọ́n máa kọ síwájú orúkọ yín, oníkálùkù ni yóò sì máa bi yín nípa ìyókù. Tí ẹ bá ní nǹkan tí ẹ fẹ́ fún un, ẹ fi sínú àpòòwé, kí ẹ kọ orúkọ yín sí i, kí ẹ fún un lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìnáwó. Ẹ̀bùn nìyẹn, kò bá ìdáwó tan.

Òun nìkan ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí, kì í ṣe inú ẹgbẹ́ orí Wasáàpù. Ẹ kọ ọ́, ẹ má fi ohùn ránṣẹ́. Bí a bá ń sọ̀rọ̀, àánú á ṣe wá láàárín méjì, a ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, "mi ò ní lè" á sì di "ẹ jẹ́ n ṣì tún wò ó ná". Lọ́jọ́ kejì, ẹ pè é. Nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ owó ti kúrò nílẹ̀, ẹ lè bi í léèrè aṣọ àti àlejò.

Nǹkan kan tún wà tí kì í jẹ́ kọ́rọ̀ tán: orúkọ tí wọ́n ń tò sínú ẹgbẹ́ Wasáàpù yẹn. Ẹnì kan á kọ orúkọ márààrún, á fi àmì síwájú ẹni tó ti san, wọ́n á sì máa dà á kọ lójoojúmọ́. Tí orúkọ yín bá ṣófo níbẹ̀, gbogbo ilé á rí i. Ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ń gba owó níkọ̀kọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ orúkọ mi kúrò, èmi àti Ìyá Ìbejì ti sọ ọ́." Ẹ má ṣàlàyé fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ṣeé ṣe kó pè yín kó ní, "Ìwọ náà?" Ẹ jẹ́ kó sọ tán. Ẹ dá a lóhùn pé, "Mo mọ̀ pé ó dùn ẹ́. Mi ò ní lè dá a, àmọ́ mò ń bọ̀." Bó bá ní kí ẹ lọ yá a lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ rántí pé ẹgbẹ́ á ní kí ẹ mú onídùúró wá, wọ́n á sì máa yọ ọ́ lóṣooṣù títí ìnáwó á fi di ìgbàgbé. Ẹ sọ pé ẹ kì í yáwó ṣe ìnáwó, ti tiyín náà pẹ̀lú. (Kí ó jẹ́ òótọ́ o. Bó bá ti rí yín tí ẹ yáwó ṣe ìkómọ rí, ẹ má fẹnu kàn án.)

Kí ẹ tó gba gèlè, ẹ bi í bóyá ẹni tó ń ta aṣọ náà lè yà á sọ́tọ̀. Léèsì yáàdì márùn-ún pẹ̀lú gèlè ni àwọn kan máa ń tà pọ̀, wọn kì í já a. Tí kò bá ṣeé yà, ẹ wọ aṣọ tiyín tó bá àwọ̀ rẹ̀ mu, kí ẹ sọ fún un ṣáájú, kó má bàa jẹ́ ìyàlẹ́nu lójú rẹ̀. Aago mẹ́jọ tí ẹ dá, ẹ má ṣe sọ ọ́ di mọ́kànlá. Bí olórin bá sì pe orúkọ yín lórí ìjókòó, ẹ dìde, ẹ jó, àmọ́ ẹ má ná owó tuntun sórí ẹnikẹ́ni. Àwọn mẹ́rin tó dá 150,000 máa wà níbẹ̀, wọ́n á sì máa ka iye tó ń bọ́ sílẹ̀.