Èsì: iye owó tó máa tó èèyàn gbé láì ṣiṣẹ́ mọ́

"Mo ti pé 40, 24,000 ni mò ń ná lọ́dún. Ṣé kí n kàn fi ṣe ìlọ́po 25 ni?"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì lo 25 yẹn o. Inú 4% ló ti wá, pé ẹ máa yọ 4% nínú owó tẹ́ ẹ ti kó jọ lọ́dún àkọ́kọ́, tó bá wá di ọdún kejì ẹ máa fi iye tí ọjà fi gbówó lórí kún un, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bóyá owó náà máa tó ná fún ọdún 30 ni Bill Bengen, agbaninímọ̀ràn nípa owó ní Amẹ́ríkà, dán wò lọ́dún 1994, ẹ̀yin sì lè lo 50 ọdún láì ṣiṣẹ́. 3.5% lèmi á lò.

Àmọ́ 24,000 yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú, ṣé ìnáwó oṣù kan lẹ fi ṣe ìlọ́po 12? Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí, àṣé mo ti gbàgbé àtúnṣe mọ́tò, owó eyín àti owó orí. Ẹ ṣí àkọsílẹ̀ báńkì yín ti odindi ọdún kan, kí ẹ ro gbogbo owó tó jáde pọ̀. Ká ní ó di 28,000:

```
28,000 ÷ 0.035 = 800,000
```

Ìlọ́po 25 tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe yẹn, 600,000 péré ló máa gbé jáde.