Ọdún òdo kò sí: kí ló dé tí 63 àti 14 fi di 75

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní kí ọmọ mi ṣírò ọjọ́ orí Késárì Augustu. Wọ́n bí i ní 63 ṣáájú Sànmánì Kristẹni, ó kú ní 14 Sànmánì Kristẹni. Ọmọ kọ 77, tíṣà fa igi sí i, ó ní 75 ni. Báwo?"

Tíṣà yẹn gbà á o, àmọ́ ó yẹ kó ṣàlàyé.

Ẹ wo bá a ṣe ń kọ́mọ jáde níbí. Tí wọ́n bá bí ọmọ ní Ìtòkò lọ́jọ́rú, ọjọ́rú tó ń bọ̀ la máa sọ ọ́ lórúkọ, a ó sì ní ọjọ́ kẹjọ ni, torí ọjọ́ tí wọ́n bí i gan-an la kà sí ọjọ́ kìíní. Ìjẹta náà ńkọ́? Ẹta ló wà nínú ẹ̀: òní ọ̀kan, àná méjì, ìjẹta mẹ́ta. Àwọn ará Róòmù náà máa ń ka ọjọ́ wọn báyẹn. Ẹni tó bá ń ka ipò, ọ̀kan ló ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ ti gbọ́ ọmọ òdo rí? Àkọ́bí là ń pe ẹni tó kọ́kọ́ dé.

Bí ọdún ṣe rí nìyẹn. Ní 525, mọ́ńkì kan ní Róòmù tó ń jẹ́ Díónísíù ń ṣe tábìlì ọjọ́ Àjíǹde, irú tábìlì bẹ́ẹ̀ tó wà nílẹ̀ sì ń fi ìjọba Díókílẹ́tíánì ka ọdún, ọba tó pa Kristẹni nípakúpa, Díónísíù ní òun ò ní fi orúkọ ìkà yẹn sọ ọdún mọ́, ló bá ń kà á láti ìgbà tí Olúwa di ènìyàn. Ọdún kìíní Olúwa, ìkejì, ìkẹta, ó ń lọ. Àwọn kan á ní torí pé ará Róòmù ò mọ òdo ni, èmi ò fara mọ́ ọn pátápátá. Lóòótọ́ wọn ò ní nọ́ńbà fún òdo, àmọ́ nínú tábìlì yẹn kan náà, níbi tí iye ọjọ́ orí òṣùpá ò bá ti ku nǹkan kan, Díónísíù kọ ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "kò sí" síbẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n, ipò ọdún ni kò wá a fún.

Kò tiẹ̀ ka ọdún sẹ́yìn rárá. Bíìdì, mọ́ńkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló lò ó nínú ìwé tó parí ní 731, tó sọ ọdún kan pé ó jẹ́ ọgọ́ta ọdún ṣáájú kí Olúwa tó di ènìyàn. Nígbà tó wá yá tí gbogbo ènìyàn ń ka ti ẹ̀yìn náà, ọ̀kan ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí.

Ẹ fojú inú wo afárá Láfẹ́nwá, ká ní àwọn ṣọ́ọ̀bù wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí wọ́n ń ka ti apá ibí láti ìdí afárá, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, tí wọ́n sì ń ka ti òdìkejì náà bẹ́ẹ̀. Afárá ò ní nọ́ńbà, ààlà lásán ni. Láti ṣọ́ọ̀bù kẹta níbí dé ìkejì lọ́hùn-ún, ẹ kà á fúnra yín, ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni, kì í ṣe márùn-ún. Torí náà, ẹni tó bá ré ààlà kọjá á ro méjèèjì pọ̀, á yọ ọ̀kan.

Ó di ti Augustu. 63 àti 14 jẹ́ 77, yọ ọ̀kan, ó di 76. Ọmọ yín á ní "tíṣà ní 75 kẹ̀". Bẹ́ẹ̀ ni, èyí tó kù kì í ṣe ọ̀ràn òdo mọ́. 23 Sẹ̀tẹ́ńbà ni wọ́n bí bàbá yẹn, 19 Ọ́gọ́ọ̀sì ló kú, ó ku ọjọ́ 35 kó ṣe bọ́ọ̀dè ẹ̀, kò pé 76. Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń ṣì í jù, wọ́n á yọ ọ̀kan tán, wọ́n á gbàgbé oṣù.

Nígbà tí Mùsólínì, olórí ilẹ̀ Ítálì, ń ṣe àjọ̀dún ẹgbàá ọdún tí wọ́n bí Augustu yìí, 23 Sẹ̀tẹ́ńbà 1937 ló ṣí ìpàtẹ ńlá ẹ̀ ní Róòmù. Ẹ ro 63 mọ́ 1937, ó pé 2000 géré, àmọ́ ẹ yọ ọ̀kan, 1999 ni. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló tó pé.

Tí ọmọ yín bá wá rí ọdún 0 nínú ápù tó ń fi ìràwọ̀ han èèyàn, kó má dà á láàmú. Àwọn onísánmà fẹ́ ìṣirò tó já geere, Kasíní ọmọ Faransé sì ti lo ọdún òdo láti 1740. Lọ́dọ̀ wọn, 1 ṣáájú Sànmánì Kristẹni ni 0, 2 sì di -1, nítorí náà tó bá fẹ́ wo ojú ọ̀run ọdún tí wọ́n bí Augustu, -62 ni kó tẹ̀, tó bá tẹ̀ -63, ọdún kan ló fi ṣáájú ìbí ẹ̀.