Íméèlì 63 lórí òrùlé kan: bí ẹ ṣe máa yọ ìpinnu jáde nínú rẹ̀

Ìbéèrè: Òkun o, ọ̀gá. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa ní Ìjùmú. Atẹ́gùn ká òrùlé gbọ̀ngàn ìlú lọ lọ́dún tó kọjá. Orí íméèlì la ti ń jíròrò àtúnṣe rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó, Àbújá àti Hiúsítìn ní Amẹ́ríkà, ó sì ti di 63. Alága ní kí n kọ ìwé kan ṣoṣo tí yóò sọ ohun tí a ti fẹnu kò lé lórí, ẹni tí yóò ṣe é àti ọjọ́ tí yóò ṣe é. Gbogbo ìgbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń dàrú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ti fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Òkun o, akọ̀wé. Mo ti kà á tán. Mo rí nínú ohun tí ẹ kọ́kọ́ kọ pé ẹ fẹ́ sọ ohun tí oníkálukú wí, láti orí alága dé orí ẹni tó dá sí ọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dàrú. Alága kò béèrè ìtàn lọ́wọ́ yín. Ìpinnu ló ń béèrè, ìpinnu inú íméèlì 63 yìí kò sì pọ̀ rárá. Àbá, ìbéèrè, ìkíni àti aáwọ̀ owó ọdún tó kọjá ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà níwájú yín, nítorí íméèlì yín ju 63 lọ. Ní 10 oṣù Kejì, ẹnìkan yí àkọlé padà láti «Orule gbongan» sí «Owo pano». Bí àkọlé bá ti yí padà, Gmail á ya ọ̀rọ̀ náà sọ́tọ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ tuntun ni. Bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń ṣe bí ọ̀wọ́ kan bá ti kọjá íméèlì 100. Ẹ tẹ èyí sínú àpótí ìwákiri kí gbogbo ẹ̀ka lè jáde pọ̀:

```
subject:(orule OR pano) after:2026/01/15
```

Ẹ tún bi akápò bóyá ẹnikẹ́ni dá òun nìkan lóhùn láìfi ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn. Nínú ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, akápò dáhùn ìbéèrè ẹnjiníà kan tí n kò rí níbikíbi, nítorí náà íméèlì kan wà tí ẹ̀yin náà kò tíì kà. Bí ẹ bá sì rí àmì tóótòòtó mẹ́ta nísàlẹ̀ íméèlì, ẹ tẹ̀ ẹ́. Àwọn kan máa ń kọ èsì wọn sáàárín ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, Gmail sì lè ká a mọ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́ nígbà mìíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú ìwé kan, ẹ kà á láti orí èyí tó pẹ́ jù wá sí ti òní, kí ẹ máa kọ ọjọ́, ẹni tó sọ̀rọ̀, àti ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: àbá, ìbéèrè, ìlérí, tàbí ìpinnu. Íméèlì tí kò bá wọ inú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, ẹ fò ó. Ẹ ó rí i pé èyí tó pọ̀ jù lọ ni ẹ máa fò.

Ibi tó gba ìfarabalẹ̀ ni mímọ ìpinnu yàtọ̀ sí àbá, ọ̀rọ̀ páànù yín sì fi í hàn dáadáa. Ní 9 oṣù Kejì, akápò ní kí a ra páànù álúmíníọ̀mù 0.45 nítorí owó rẹ̀ kéré. Lọ́jọ́ kan náà, ẹnjiníà ní 0.55 ni kí a rà, pé ìwọ̀n mìlímítà yẹn nípọn jù, atẹ́gùn kò ní tètè ká a. Èèyàn mẹ́ta wá kọ «ó dára bẹ́ẹ̀». Èwo ló dára nínú méjèèjì? Íméèlì wọn dé lẹ́yìn ti àwọn méjèèjì, wọn kò sì dárúkọ ìkankan. Ẹ má ka ìbò wọn mọ́ ẹnikẹ́ni. Ní 12 oṣù Kejì ni alága kọ̀wé pé «ẹ jẹ́ ká ṣe èyí tí ẹnjiníà wí». Ìyẹn ni ìpinnu, nítorí ẹni tó ní àṣẹ ló sọ ọ́, ohun kan pàtó ló mú, kò sì sí ẹni tó ní àṣẹ tó yí i padà lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní 15 oṣù Kejì, ìwé iye owó kan dé látọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta páànù, 0.45 ló sì wà nínú rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ìpinnu ti yí padà. Kò yí padà. Ìwé tí a so mọ́ íméèlì kì í ṣe ìpinnu. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kí alága tó sọ̀rọ̀ ni wọ́n ti béèrè rẹ̀. Bí ẹ kò bá sọ èyí nínú ìwé yín, ẹnìkan á rí ìwé iye owó yẹn lọ́jọ́ iwájú, á sì san owó páànù tí ẹgbẹ́ kò fẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló kàn. «Kí ẹnìkan bá wa gba owó àwọn ará Èkó» wà nínú íméèlì yín. «Àwa tí a wà nílé á mójú tó káfíńtà» náà wà níbẹ̀. «Ẹnìkan» kò ní nọ́ńbà fóònù, «àwa» kò sì ní i. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní orúkọ èèyàn kan ṣoṣo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn mẹ́rin ni yóò ràn án lọ́wọ́. Ẹ má sì fi àbá ara yín yan orúkọ yẹn. Lọ́dọ̀ wa, ọmọdé kì í yan iṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn, kódà lórí íméèlì. Ẹ kọ́kọ́ pe ẹni náà: «Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ kọ orúkọ yín sí iṣẹ́ báyìí, ọjọ́ báyìí, ṣé ẹ gbà á?» Bí ó bá gbà, ẹ kọ ọ́. Bí ẹ kò bá rí ẹni tó gbà á, ẹ kọ ọ́ gbangba pé kò tíì sí ẹni tó gbà á. Àlàfo tí gbogbo èèyàn rí ṣeé dí, àlàfo tí a fi ọ̀rọ̀ bò ló ń pa iṣẹ́ lára.

Ọjọ́ ní ewu tirẹ̀. Aṣojú Hiúsítìn kọ ọ́ pé owó wọn yóò dé «03/04». Akápò kà á sí 3 oṣù Kẹrin, ó sì ti ń sọ nínú íméèlì kejì pé iṣẹ́ kò ní lè bẹ̀rẹ̀ kí òjò tó dé. Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń kọ oṣù ṣáájú ọjọ́, nítorí náà 4 oṣù Kẹta ló ṣeé ṣe kó ní lọ́kàn. Oṣù kan gbáko ló wà láàárín méjèèjì, 3 oṣù Kẹrin ọdún 2026 sì tún bọ́ sí Ọjọ́ Ẹtì Rere, tí káfíńtà kò ní wá síbi iṣẹ́. Ẹ pè é kó fẹnu ara rẹ̀ sọ èyí tó jẹ́, kí ẹ sì kọ orúkọ oṣù jáde nínú ìwé yín. Bákan náà ni «lọ́la» tó kọ pé òun yóò pe ẹni tó ń ta páànù. Íméèlì yẹn dé ọ̀dọ̀ yín ní aago 6:40 òwúrọ̀ Sátidé, 14 oṣù Kejì. Ṣùgbọ́n aago 11:40 alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì ló jẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tó kọ ọ́, torí wákàtí méje la fi ṣáájú wọn lóṣù Kejì. «Lọ́la» tirẹ̀, Sátidé náà ni. Ó ti kọjá. Ẹ bi í bóyá ó ti pè é.

Ohun tí èmi yóò kọ nìyí. Ipò ni mo fi rọ́pò orúkọ. Ẹ̀yin ẹ kọ orúkọ. Mo gbà pé aṣojú Hiúsítìn ti fìdí 4 oṣù Kẹta múlẹ̀ lórí fóònù, àti pé akápò àti ẹnjiníà ti gba iṣẹ́ wọn.

> Àkọlé: ÒRÙLÉ GBỌ̀NGÀN: ìpinnu títí di 17 oṣù Kejì 2026
>
> Ẹ̀yin èèyàn wa, òkun o. Ìwé yìí ló rọ́pò àwọn íméèlì «Orule gbongan» àti «Owo pano». Ẹ jọ̀wọ́, abẹ́ èyí nìkan ni kí ẹ máa dáhùn sí.
>
> Ìpinnu: Páànù álúmíníọ̀mù 0.55 la ó rà (íméèlì alága, 12 oṣù Kejì). Ìwé iye owó 0.45 tó dé ní 15 oṣù Kejì kò wúlò mọ́.
>
> Iṣẹ́:
> Akápò: yóò gba ìwé iye owó tuntun fún 0.55, Ọjọ́ Ẹtì 20 oṣù Kejì.
> Ẹnjiníà: yóò mú káfíńtà lọ wọn òrùlé, Sátidé 21 oṣù Kejì.
> Aṣojú Hiúsítìn: owó wọn yóò wọlé, Ọjọ́rú 4 oṣù Kẹta.
> Gbígba owó àwọn ará Èkó: kò tíì sí ẹni tó gbà á. Ta ni yóò gbà á?
>
> Ohun tí a kò tíì pinnu: Ṣé gbogbo igi òrùlé la ó pààrọ̀, àbí èyí tó ti jẹrà nìkan? Alága yóò pinnu lẹ́yìn tí káfíńtà bá wọn òrùlé tán.
>
> Bí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ sọ fún mi kí aago 6 ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ 19 oṣù Kejì tó lù.

Ẹ fi í ránṣẹ́ bí íméèlì tuntun, ẹ má fi ṣe èsì sábẹ́ ti àtijọ́. Bí ẹ bá fi ṣe èsì, yóò bọ́ sí ìsàlẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀, ẹnìkan á sì tún dáhùn èyí tó wà lókè rẹ̀. Ọjọ́ íméèlì tí mo kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpinnu wà níbẹ̀ kí ẹni tó bá ń jiyàn lè lọ kà á fúnra rẹ̀. Ẹ rí i pé n kò mẹ́nu kan aáwọ̀ owó ọdún tó kọjá rárá: kò bí ìpinnu kankan, bí ẹ bá sì kọ ìlà kan péré nípa rẹ̀, òun ni gbogbo èèyàn á dáhùn.

Gbèdéke àtúnṣe yẹn ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó tó láti fi tún ohun tí ẹ kọ ṣe, kò tó láti fi gba àṣẹ owó. Bí òfin ẹgbẹ́ yín bá ní ìpàdé ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìnáwó, ẹ má ṣe kà á sí pé ẹni tó dákẹ́ ti gbà. Ẹ gbé e lọ sí ìpàdé.

Àwọn àgbà tí kì í ka íméèlì wà nílé. Ẹ tẹ ìwé náà sórí páálí kan, kí ẹnìkan kà á fún wọn kí Ọjọ́bọ̀ tó dé, torí wọ́n lè mọ ohun kan nípa igi òrùlé yẹn tí ẹnikẹ́ni kò kọ sórí íméèlì. Bí ohunkóhun bá sì yí padà lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi gbogbo ìwé náà ránṣẹ́ lákọ̀tun pẹ̀lú ọjọ́ tuntun nínú àkọlé, kí ẹ kọ «ó ti yí padà» sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tí ẹ tún ṣe.