Epo pupa lára aṣọ funfun tí a kò tíì fọ̀

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, ọmọ mi da ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ sí ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó ń wọ̀ lọ sí ilé-ìwé. Òwú ni ṣẹ́ẹ̀tì náà, mi ò sì tíì fi omi kàn án. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ó dára tí ẹ kò tíì fi omi kàn án, nítorí pé omi tútù máa ń mú kí epo pupa dì mọ́ òwú ni. Ẹ tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà sórí tábìlì, kí ẹ fi etí ṣíbí ha ẹ̀fọ́ àti epo kúrò láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, kí àbàwọ́n náà má baà fẹ̀ sí i. Ẹ wá fi bébà ìnuwọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ má fi nù ún. Lẹ́yìn èyí, ẹ bu ìyẹ̀fun àgbàdo lé e fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Ẹ ó rí i tí ìyẹ̀fun náà ń pọ́n bó ṣe ń fa epo mu, kí ẹ tó gbọ̀n ọ́n dànù.

Ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ ló kàn, òun ni mo sì fọkàn tán jù níbi epo, nítorí pé ọ̀rá ni wọ́n ṣe é fún. Orí aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ kán an sí, níwájú àti lẹ́yìn, láìbu omi là á, torí pé bí aṣọ bá ti mu omi, ọṣẹ kì í ráyè kan epo dáadáa. Ẹ fi aṣọ àtijọ́ sí abẹ́ rẹ̀ kí epo má baà ran apá kejì ṣẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi ìka rà á wọlé, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ yí inú ṣẹ́ẹ̀tì síta, kí ẹ da omi gbígbóná sí i láti ẹ̀yìn, débi tí lẹ́bẹ̀lì ọrùn rẹ̀ bá gbà. Omi ìwọ̀n 30 tí ọ̀pọ̀ wa ń lò nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ kò gbóná tó láti yọ́ epo pupa tán. Bí omi tó ń ṣàn jáde bá ṣì pọ́n, ẹ tún kán ọṣẹ sí i kí ẹ tó kó o sínú ẹ̀rọ.

Ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ gbígbóná gbẹ ẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, torí pé ooru rẹ̀ lè mú kí epo tó kù le mọ́ aṣọ. Ẹ sá a, bó bá sì gbẹ, kí ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Bí ibẹ̀ bá dúdú díẹ̀ bí ẹni pé ó ṣì tutù, epo ṣì wà níbẹ̀, ọṣẹ abọ́ ni kí ẹ padà sí. Bó bá jẹ́ pé ó kàn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lásán, àwọ̀ nìkan ló kù, irú èyí tó wà nínú kárọ́ọ̀tì, oòrùn sì máa ń pa á. Ẹ rẹ aṣọ náà, kí ẹ sá a síta níbi tí oòrùn ti lè tàn sí i gbangba. Bí òtútù kò bá jẹ́ kí oòrùn yọ, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú páúdà ìfọṣọ olọ́síjìn, ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀. Bílíìṣì oníkílóríìnì kò lè yọ epo, ó sì lè jẹ òwú, nítorí náà ẹ fi í sílẹ̀.