65 tó wà lára táyà kì í ṣe gíga rẹ̀

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Corolla ni mò ń lò l'Ákúrẹ́, 195/65R15 ló wà lára táyà rẹ̀. Fọ́kánáísà ní òun ní 205/65R15 tòkunbọ̀, pé 65 àti 15 kò yàtọ̀, gíga wọn á dọ́gba. Kí ni nọ́ḿbà yẹn túmọ̀ sí gan-an? Ṣé kí n rà á?”

Àbúrò, má tíì sanwó. 195 ni ìbú táyà rẹ ní mílímítà, láti ibi tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti yọ jù lápá kan dé ibi tó ti yọ jù lápá kejì. Ojú tó ń tẹ títì kì í tó bẹ́ẹ̀. 15 ni ínṣì ríìmù, èyí kò gba àṣìṣe rárá: táyà 16 kò lè jókòó sórí ríìmù 15. R tó ṣáájú rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní ríìmù, rédíà ló dúró fún, ìyẹn ni pé òwú inú táyà gba tààrà láti etí kan dé èkejì.

65 ló ń tan èèyàn jẹ. Ìdá ni, kì í ṣe ìwọ̀n. Ohun tó ń sọ ni pé gíga ẹ̀gbẹ́ táyà jẹ́ ìdá 65 nínú 100 ìbú rẹ̀. Bí ìbú bá ti yí, gíga á yí pẹ̀lú rẹ̀, bí 65 wà níbẹ̀ síbẹ̀. Wo tìrẹ: ìdá 65 nínú 100 ti 195 jẹ́ mílímítà 126.75. Ẹ̀gbẹ́ wà lókè ríìmù, ó tún wà nísàlẹ̀, ó di 253.5. Ríìmù ínṣì 15 jẹ́ mílímítà 381. Gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ 634.5. Ṣe ti 205 bákan náà, wàá rí 647.5. Mílímítà 13 ló fi ga ju tìrẹ lọ.

Bó o bá kó èrò kún ọkọ̀, tó o wá bọ́ sí kòtò lọ́nà Oǹdó, irú táyà bẹ́ẹ̀ lè máa ha ike abẹ́ fẹ́ńdà. Yí sítíárì dé òpin, kó o tanná wò ó. Ibi tó bá ń dán, ibẹ̀ ló ti ń ha. Bí aago tó ń ka eré ọkọ̀ bá sì kọ 100, nǹkan bíi 102 lò ń sá.

Tó bá jẹ́ ẹyọ kan péré lo fẹ́ pààrọ̀ níwájú, ìyẹn ló burú jù lójú tèmi. Ẹsẹ̀ méjèèjì kò ní yí bákan náà, ọkọ̀ lè máa fà sápá táyà tó kéré, jíà inú difuréńṣà, èyí tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì lè yí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì ní sinmi, kódà lójú ọ̀nà tó gún.

195/65R15 gan-an ni kó o wá. Bó bá di dandan kó jẹ́ 205, 205/60R15 ni kó o béèrè, méjì lẹ́ẹ̀kan náà fún ẹsẹ̀ iwájú tàbí tẹ̀yìn. 627 lòun, mílímítà 7.5 péré ló fi kéré sí tìrẹ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́fà, ka ìwọ̀n táyà tó wà nínú ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó rẹ̀, torí ẹni tó ni ọkọ̀ ṣáájú rẹ lè ti pààrọ̀ ìwọ̀n táyà kó tó tà á fún ọ.