Mẹ́kúrì tó ń padà sẹ́yìn nínú ṣáàtì ìbí

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní Mẹ́kúrì ń padà sẹ́yìn lọ́jọ́ tí mo bí ọmọ mi, ní 10 Épírì 2024. Ṣé gbogbo ayé rẹ̀ ni yóò máa rí bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n máa ń kìlọ̀ pé ká má buwọ́ lùwé yẹn?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ fọkàn balẹ̀. Plánẹ́ẹ̀tì kì í padà sẹ́yìn lóòótọ́. Mẹ́kúrì yára ju ayé wa lọ, ìgbà tó bá ń gba àárín àwa àti oòrùn kọjá ló máa ń dà bí ẹni pé ó ń rìn sẹ́yìn lójú wa. Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, nínú ènìyàn márùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé wọ́n bí ẹnì kan sínú rẹ̀. Ohun tó wọ́pọ̀ tó báyẹn kò lè jẹ́ ègún.

Èyí tí wọ́n ń kìlọ̀ rẹ̀ ni ìrìn tó ń lọ lójú ọ̀run lọ́wọ́. Gbogbo ayé ló kàn lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń parí. Èyí tó yí ọmọ yín ká nígbà tẹ́ ẹ bí i bẹ̀rẹ̀ ní 1 Épírì, ó sì dáwọ́ dúró ní 25 Épírì.

Ṣáàtì ìbí ní tirẹ̀ dà bí fọ́tò: bí ojú ọ̀run ṣe wà nígbà tí ọmọ ké ló mú, kò sì ní yí padà. Àmì ℞ tẹ́ ẹ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mẹ́kúrì níbẹ̀ ló ń sọ pé ó ń padà sẹ́yìn; ìwà ni àwọn awòràwọ̀ ń fi kà á, wọn kì í kà á sí àjálù. Wọ́n ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń ro ọ̀rọ̀ nínú kó tó sọ ọ́, ó lè tún ìwé kan kà lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà pé ó ti yé òun. Èmi kì í dá ìyẹn nìkan gbà, mo máa ń wo ilé tí Mẹ́kúrì wà, ìyẹn ọ̀kan nínú ìpín méjìlá inú ṣáàtì, àti plánẹ́ẹ̀tì tó ń kọjú sí i.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í sọ. Nínú ọ̀nà ìṣírò tí wọ́n ń fi ọjọ́ kan lẹ́yìn ìbí dúró fún ọdún kan, ọjọ́ 15 ló wà láàárín 10 àti 25 Épírì. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá tó nǹkan bí ọdún 15, Mẹ́kúrì rẹ̀ á yíjú síwájú nínú ìṣírò yẹn, wọ́n sì máa ń retí pé ọ̀rọ̀ sísọ á túbọ̀ yá a lẹ́nu. Àmì inú fọ́tò ṣì wà níbẹ̀ o.

Ọmọ tí wọ́n bí ní 25 gan-an ló máa ń fa àríyànjiyàn, torí wákàtí ìbí ló máa sọ bóyá Mẹ́kúrì ti yíjú padà tàbí kò tíì yí i.

Bí Mẹ́kúrì ojú ọ̀run bá tún padà sẹ́yìn lọ́dún mìíràn, ẹ wo ibi tó gbà nínú ṣáàtì ọmọ náà. Ó lè fẹsẹ̀ tẹ ojú kan náà lẹ́ẹ̀mẹta: ní àlọ, ní àbọ̀, àti nígbà tó bá tún ń lọ. Bí kò bá sí plánẹ́ẹ̀tì kankan lójú ọ̀nà yẹn, ó lè kọjá kẹ́ ẹ má tilẹ̀ mọ̀.